Aáyù tútù tàbí aáyù sísè: ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń wí àti ohun tí ikùn ń wí

Ní àdúgbò Anagokomé níhìn-ín ní Lomé, bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ pé ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rí kọlẹsitẹrọ́ọ̀lù púpọ̀ lára òun, ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ni yóò kọ́kọ́ gbọ́: "Jẹ aáyù." Bí a ó ṣe jẹ ẹ́ ni àwọn ènìyàn kò fẹnu kò lé lórí. Àwọn kan ní kí a máa jẹ ọmọ aáyù mẹ́ta ní tútù láàárọ̀ kùtùkùtù kí oúnjẹ tó kan ẹnu, nítorí pé iná a máa pa agbára rẹ̀. Àwọn mìíràn ní kí a sè é, nítorí pé tútù rẹ̀ a máa jó ikùn. Ìyá tí mo ń ra alùbọ́sà àti aáyù lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjà Adawlato wà nínú ẹgbẹ́ kìíní, ìyàwó mi wà nínú ẹgbẹ́ kejì. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ìmọ̀ nípa ohun alààyè ni mo dúró láàárín wọn, ikùn ara mi ni mo sì fi san owó ẹ̀kọ́ náà.

Mo ti lé lógójì ọdún nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yìí. Lórí ìwé tí wọ́n fún mi, ní iwájú LDL, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní ọ̀rá búburú, wọ́n kọ giráàmù 1,72 nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan. Dókítà bi mí bóyá mo ń mu sìgá, ó wọn ìfúnpá mi, ó wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi, ó sì bèèrè bóyá bàbá tàbí ìyá mi ní àrùn ọkàn kí wọ́n tó dàgbà. Ìdáhùn gbogbo rẹ̀ dára. Ó ní: "Olùkọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tún oúnjẹ ṣe fún oṣù mẹ́ta kí a tó sọ̀rọ̀ nípa hóró oògùn." Ọ̀rọ̀ oúnjẹ yìí ni mo gbé dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ń ta aáyù.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi jẹ aáyù tútù ní àìjẹun, ọmọ mẹ́ta lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ kìíní, ẹnu nìkan ni ó ta mí. Ní ọjọ́ kẹrin, oókan àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í jó bí ẹni tó gbé ata mì. Ní òru ọjọ́ kẹsàn-án, inú rírun ló jí mi ní aago méjì, n kò sì lè sùn mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà mo pa aáyù tútù tì, mo sì jókòó láti wá ohun tí ìwádìí sọ nípa rẹ̀. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ kó kalẹ̀ níwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Yàrá méjì nínú ọmọ aáyù kan

Ẹ mú ọmọ aáyù kan tó wà ní odindi, kí ẹ gbé e sí imú. Òórùn rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ wá fi ọmọ ọlọ tẹ̀ ẹ́ fọ́: ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, òórùn rẹ̀ yóò ti gba gbogbo ilé ìdáná. Òórùn náà kò fara pamọ́ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí ẹ fọ́ ọ ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.

Nínú aáyù tí a kò tíì fọwọ́ bà, nǹkan méjì ń gbé yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èkíní ni álíìnì, èròjà tí kò ní òórùn. Èkejì ni álíínáàsì, òṣìṣẹ́ tí í máa yí álíìnì padà bí ó bá ti fojú kàn án. Nígbà tí ọ̀bẹ, eyín tàbí ọlọ bá wó ògiri tó wà láàárín wọn, àwọn méjèèjì pàdé, ohun tuntun kan sì jáde: álísíìnì. Chester Cavallito àti John Bailey ni wọ́n kọ́kọ́ yọ ọ́ jáde lára aáyù ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1944.

Kí ẹ má ṣe gbàgbé orúkọ kẹta yìí, nítorí pé orí rẹ̀ ni àríyànjiyàn wa dúró lé. Álísíìnì ni ó ń fún aáyù tútù ní oró tó ń ta ni lẹ́nu. Òun àti àwọn èròjà tó ń ti ara rẹ̀ jáde ni ọ̀pọ̀ olùwádìí fura sí pé ó lè dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù. Òun kan náà ni ó ń jó ikùn. Àǹfààní tí à ń wá àti ìyà tí à ń sá fún, inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé.

Ohun tí iná ń ṣe

Àwọn tó ní iná a máa pa agbára aáyù kò parọ́, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ. Òṣìṣẹ́ yẹn, álíínáàsì, ni iná ń pa. Bí ẹ bá ju ọmọ aáyù odindi sínú omi tó ń hó, òṣìṣẹ́ yóò kú sínú yàrá rẹ̀ kí ògiri tó wó. Nígbà tí ẹ bá wá jẹ aáyù náà, yóò rọ̀, yóò sì dùn díẹ̀ bí ọ̀dùnkún, kò ní ta ẹnu rárá, nítorí pé álísíìnì kò rí àyè dá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ́kọ́ lọ̀ ọ́, tí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, òṣìṣẹ́ ti parí iṣẹ́ rẹ̀ kí iná tó dé. Iná yóò ba díẹ̀ jẹ́ lára ohun tó ṣe, kò ní ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ní ọdún 2007, àwọn olùwádìí ní Ajẹntínà dán èyí wò. Kì í ṣe ọ̀rá ni wọ́n wọ̀n, bí kò ṣe bí aáyù ṣe ń dí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti dì, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ nípa iná wúlò fún wa. Aáyù tó wà nínú omi híhó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀ kò pàdánù agbára yìí. Nígbà tí ó di ìṣẹ́jú mẹ́fà, èyí tí wọ́n sè ní odindi kò ní agbára kankan mọ́, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ti fọ́ kí wọ́n tó sè é ṣì ní díẹ̀ lára. Nítorí náà, kí a tó bèèrè bóyá aáyù jẹ́ tútù tàbí sísè, ó yẹ kí a bèèrè bóyá a fọ́ ọ kí ó tó kan iná, àti bí ó ti pẹ́ tó lórí iná.

Ohun tí a rí nínú ẹ̀jẹ̀

Wàyí o, jẹ́ kí a gbà pé ẹnì kan fara da oró náà, tí ó ń jẹ aáyù ní tútù lójoojúmọ́. Èrè wo ni yóò rí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀?

Ní Yunifásítì Stanford ní Kalifóníà, Christopher Gardner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ béèrè ìbéèrè yìí gan-an. Wọ́n kó àgbàlagbà 192 jọ, tí LDL wọn wà láàárín giráàmù 1,30 sí 1,90 nínú lítà kan, bí a bá fi ìwọ̀n tí ilé àyẹ̀wò tiwa ń lò kà á. Èmi gan-an ìbá ti wọ ẹgbẹ́ náà pẹ̀lú 1,72 mi. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin. Àwọn kan ń jẹ aáyù tútù tí a lọ̀ sínú búrẹ́dì tí a fi oúnjẹ há láàárín, ó tó ọmọ aáyù kan tó mọ níwọ̀n, bíi giráàmù mẹ́rin. Àwọn kan ń lo hóró ìyẹ̀fun aáyù, àwọn kan hóró aáyù tí a rẹ fún ìgbà pípẹ́, àwọn ìyókù sì ń gba hóró tí kò ní aáyù kankan nínú. Ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń jẹ ẹ́, fún oṣù mẹ́fà, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò lóṣooṣù. Ní oṣù kejì ọdún 2007 ni èsì jáde: LDL àwọn tó jẹ aáyù tútù kò yàtọ̀ sí ti àwọn tí kò jẹ aáyù rárá. Àwọn oníhóró náà kò rí ìyàtọ̀. Ohun tí ó ju ìdajì àwọn tó jẹ ẹ́ ní tútù rí ni òórùn ẹnu àti ti ara.

Ìwádìí kan kò lè parí ọ̀rọ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ẹ̀rí tó dára jù lọ ní ìhà kejì. Ní ọdún 2013, Karin Ried àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà kó ìdánwò 39 pọ̀, wọ́n sì ṣírò wọn lápapọ̀. Wọ́n rí i pé fún ẹni tí gbogbo kọlẹsitẹrọ́ọ̀lù rẹ̀ ju giráàmù 2 nínú lítà kan lọ, tí ó sì lo aáyù ju oṣù méjì lọ, LDL ń dín kù ní ìwọ̀n bíi giráàmù 0,09. Ṣùgbọ́n hóró ìyẹ̀fun àti oríṣi aáyù mìíràn tí a ṣe ní ilé iṣẹ́ ni ó pọ̀ jù nínú ìdánwò wọ̀nyí. Aáyù inú ìkòkò ọbẹ̀ tiwa kò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀.

Ẹ bá mi fi ìwé àyẹ̀wò mi ṣe ìṣirò náà. Bí mo bá rí gbogbo èrè tí Ọsirélíà ṣèlérí, 1,72 yóò di 1,63. Hóró oògùn tí dókítà máa ń kọ fún ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní státíìnì, lè dín in kù ní ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: 1,72 yóò di 1,20. Ohun kan tún wà tí àwọn ènìyàn kì í rò. LDL ẹnì kan náà kì í dúró sójú kan. Láìjẹ́ pé a ṣe ohunkóhun, ó lè gòkè tàbí kí ó sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ní bíi ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún. Ní tèmi, ìyẹn ju 0,13 lọ. Èrè aáyù kéré ju mímì tí òṣùwọ̀n ń mì fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó jẹ aáyù fún oṣù kan, tó sì fi ìwé àyẹ̀wò kan ṣoṣo jẹ́rìí pé ó ṣiṣẹ́, kò tíì ní ẹ̀rí lọ́wọ́.

Ibi tí mo fìdí kalẹ̀ sí nìyí: ní ti kọlẹsitẹrọ́ọ̀lù, n kò rí ìdánwò lára ènìyàn tó fi hàn pé aáyù tútù borí aáyù sísè. Èrè tó wà níbẹ̀, bí ó bá wà, kéré. Ìyàtọ̀ tó dájú láàárín àwọn méjèèjì wà nínú ikùn.

Ìdí tí ikùn fi ń ké

Awọ ara wa ní àwọn iṣan tó ń mọ ohun tó ń ta ni, irú èyí tí mọ́sítáàdì ń jí. Álísíìnì ń jí àwọn iṣan wọ̀nyí bákan náà. Ẹni tó bá so aáyù tútù tí a lọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́jú, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti ń ṣe fún oríkèé tó ń dùn wọ́n, lè jí pẹ̀lú awọ tó lé ròrò bí ẹni tí omi gbígbóná ta sí. Bí ó bá lè ṣe awọ òde báyìí, ẹ má ṣe yà á lẹ́nu pé awọ inú ọ̀nà ọ̀fun àti ti ikùn ń ké. Ní Japan ní ọdún 2001, àwọn olùwádìí fi ẹ̀rọ awòkùn wo inú ikùn àwọn ajá tí wọ́n fún ní oríṣi aáyù: ìyẹ̀fun aáyù tútù tí a gbẹ bà awọ inú ikùn jẹ́ gidigidi, aáyù tí a ti sè mú kí ó pọ́n, aáyù tí a rẹ fún ìgbà pípẹ́ kò ṣe nǹkan kan.

Àìjẹun ni ó ń mú kí ó burú jù. Láàárọ̀, kò sí ẹ̀bà, kò sí ọbẹ̀, kò sí ọ̀rá kankan nínú ikùn tí yóò tú oró náà ká. Ojú kan ṣoṣo ni aáyù àti omi kíkan inú ikùn ń jọ ṣiṣẹ́ lé. Mo tún mọ àwọn tí ń gbé ọmọ aáyù odindi mì bí hóró oògùn kí ẹnu wọn má bàa rùn. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n pàdánù jù: omi kíkan inú ikùn a máa pa òṣìṣẹ́ álíínáàsì gẹ́gẹ́ bí iná ti ń pa á, nítorí náà álísíìnì tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gbé e mì kò ní dá tó bí ó ti yẹ. Bí ó bá sì há sí ọ̀nà ọ̀fun, ibẹ̀ ni yóò ti máa jó wọn.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé aáyù kò bá yín lára mu kò le: oókan àyà tó ń jó lẹ́yìn tí ẹ jẹ ẹ́, èébì tó ń gbé yín, inú rírun tó ń jí yín lóru. Ìyẹn tó láti dá a dúró. Bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, tàbí tí ẹ bá bì ẹ̀jẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti aáyù. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tó ti ní ọgbẹ́ inú tẹ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ dán aáyù tútù wò rárá.

Bí a ṣe ń ṣe é nílé wa

Ènìyàn mẹ́rin ni wá, nítorí náà ọmọ aáyù mẹ́rin ni à ń lò fún ìkòkò ọbẹ̀ kan. Ìyàwó mi a bó o, a lọ̀ ọ́ kúnná lórí ọlọ, a sì fi í sílẹ̀ nínú àwo fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àkókò yìí ni a fi ń ṣa ewédú, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní adémè. Nígbà tí ọbẹ̀ bá ti jinná tán, tí ó ku díẹ̀ kí a gbé e kalẹ̀, ni a ó da aáyù sí i, a ó rò ó pọ̀, a ó sì jẹ́ kí ó hó fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà a ó gbé e kúrò lórí iná. A kì í dín in nínú òróró títí yóò fi pupa, nítorí pé kíkorò ni yóò kù.

Ahọ́n ni ẹ ó fi mọ bí ó ṣe rí. Bí ọbẹ̀ náà bá ṣì ń ta ahọ́n, oró ṣì kù níbẹ̀: ẹni tí ikùn rẹ̀ le lè jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹni tí ikùn rẹ̀ rọ̀ fi í sórí iná díẹ̀ sí i. Bí òórùn bá wà ṣùgbọ́n tí kò ta ni, ó ti bọ́ sí àárín. Bí ó bá dùn pátápátá, álísíìnì ti lọ; síbẹ̀, lójú ìṣirò tí a ṣe lókè, ẹni tí ikùn rẹ̀ kò gba jù bẹ́ẹ̀ lọ kò pàdánù ohun ńlá.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ ẹ ní tútù, kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdajì ọmọ aáyù, kí ó lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ ata àti tòmátì, kí ó sì jẹ ẹ́ láàárín oúnjẹ, kì í ṣe ṣáájú rẹ̀. Àwọn tí ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà kí wọ́n tó fún un sí i, nítorí pé kíkan rẹ̀ a máa dá òṣìṣẹ́ dúró lẹ́nu iṣẹ́. Kí a má sì ṣe lọ aáyù sínú ìgò òróró kí a fi í sílẹ̀ níta fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ní Vancouver ní Kánádà, ní ọdún 1985, irú aáyù inú òróró bẹ́ẹ̀ ní ilé oúnjẹ kan fi májèlé tí ń rọ iṣan ènìyàn pa ọ̀pọ̀ àwọn tó jẹun níbẹ̀ lára. Èyí tí a ó lò lónìí ni kí a lọ̀ lónìí.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta mo padà sí ilé àyẹ̀wò. LDL mi ti di 1,61. Inú mi dùn, mo ní aáyù ti ṣe é. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní: "Ẹ̀wà tí ẹ ń jẹ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ńkọ́? Epo tí ẹ dín kù ńkọ́? Èwo nínú wọn ló ṣe é, tàbí òṣùwọ̀n ló kàn mì?" N kò rí èsì fún un. Ó ní kí n máa bá gbogbo rẹ̀ lọ, kí n sì padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta mìíràn.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn yàtọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi kan wà tí ọkàn rẹ̀ ti dá a níyà rí. Oògùn méjì ni wọ́n fún un: státíìnì fún ọ̀rá, àti asipirínì kékeré kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má bàa dì. Ẹnì kan sọ fún un pé aáyù tútù ṣe iṣẹ́ státíìnì. Ó gbé hóró sápá kan, ó ń jẹ ọmọ aáyù márùn-ún láàárọ̀, ṣùgbọ́n ó ń lo asipirínì lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà kò sì tètè dá. Àṣìṣe méjì ló ṣe pọ̀. Ó fi ohun tí èrè rẹ̀ kò ju 0,09 lọ rọ́pò ohun tí ń dín LDL kù ní ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì fi ohun tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì lé orí òmíràn tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì lè jẹ aáyù inú ọbẹ̀ bí gbogbo ilé ti ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kí ó má fi aáyù tútù púpọ̀ ṣe oògùn láìsọ fún dókítà. Ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní láti dá irú aáyù bẹ́ẹ̀ dúró, ó kéré tán, ní ọjọ́ méje ṣáájú, kí ó sì sọ fún oníṣègùn pé òun ti ń jẹ ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n ti padà sórí hóró rẹ̀. Nígbà tí mo lọ kí i ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ó bi mí bóyá òun kò ní fojú kan aáyù mọ́ láyé òun. Mo ní: "Ẹ̀gbọ́n, ó wà nínú ọbẹ̀ tí wọ́n ń gbé bọ̀ yìí." Ó gbóòórùn rẹ̀, ó bu àkúmẹ, ó sì jẹun.